Ọtí Ló Ń Yà Wọ́n: Ohun Tí Kírísítà Fáyólẹ́ẹ̀tì àti Safuránìn Ń Fi Hàn Nípa Ògiri Bakitéríà

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìjókòó. Ìgò mẹ́rin ló wà lórí tábìlì níwájú wa. Àkọ́kọ́ ní àwọ̀ àlùkò tó dúdú kọ̀ǹkọ̀, kírísítà fáyólẹ́ẹ̀tì ni. Ìkejì dà bíi tíì tí a kò bu mílíìkì sí, áyódíìnì ni. Ìkẹta kò ní àwọ̀ rárá, ọtí ẹtánọ́ọ̀lù ni. Ìkẹrin pupa bí osùn, safuránìn ni. Bí ẹ bá bi ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ pé èwo nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń ya bakitéríà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, àlùkò tàbí pupa ni wọ́n máa nawọ́ sí. Ìgò kẹta ni, èyí tí kò ní àwọ̀. Àlùkò ń wọ ara àwọn ẹgbẹ́ méjèèjì, safuránìn náà ò sì mọ ẹni tí í ṣe ọ̀rẹ́ yàtọ̀ sí ẹni tí í ṣe ọ̀tá. Ohun tó fi ẹgbẹ́ kan yàtọ̀ sí ìkejì ni bí àlùkò ṣe ń yára jáde lára wọn tó nígbà tí ọtí bá dé. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ọtí ń lò lórí sílááìdì, inú ìwọ̀nba àsìkò yẹn sì ni ọ̀rọ̀ wa òní wà.

Ẹni tó kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ yìí ò tiẹ̀ wá ọ̀nà láti pín bakitéríà sí méjì. Hans Christian Gram, oníṣègùn ará Dẹ́ńmáàkì, wà ní ìlú Bẹ̀líìnì lọ́dọ̀ Carl Friedländer, níbi tí wọ́n ti ń yẹ ara òkú wò láti mọ ohun tó pa wọ́n. Ẹ̀dọ̀fóró àwọn tí nimóníà pa ló wà níwájú rẹ̀. Bó bá pa abala ẹ̀dọ̀fóró náà láró, gbogbo rẹ̀ á gba àwọ̀ kan náà: sẹ́ẹ̀lì èèyàn, kóró tó wà láàárín sẹ́ẹ̀lì, àti bakitéríà tó sá pamọ́ sáàárín wọn. Ohun tó ń wá ni bí àwọ̀ ṣe máa ṣí kúrò lára ẹran, kó sì ṣẹ́ kù sára bakitéríà nìkan. Ní 1884 ó tẹ ohun tó rí jáde. Ó fi jẹ́ńṣánì fáyólẹ́ẹ̀tì pa á láró, ó da áyódíìnì tí a pò mọ́ potásíọ̀mù áyódáìdì lé e, ó sì fi ọtí fọ̀ ọ́. Jẹ́ńṣánì fáyólẹ́ẹ̀tì yìí ni ẹ mọ̀ nílé oògùn, èyí tí wọ́n máa ń fi kun ẹnu ọmọ ọwọ́ tí nǹkan funfun bá bo ahọ́n rẹ̀. Kírísítà fáyólẹ́ẹ̀tì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn èròjà inú rẹ̀, ìyẹn náà nìkan la sì ń lò lónìí kí àwọ̀ má baà yí padà láti ìgò dé ìgò.

Ọ̀nà Gram ṣiṣẹ́. Ẹran pàdánù àlùkò, bakitéríà dì í mú. Àmọ́ ó kíyè sí i pé àwọn bakitéríà kan, títí kan èyí tó ń fa táífọ́ọ̀dù, ń pàdánù àlùkò bíi ti ẹran. Lójú rẹ̀, àbùkù ni. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀ pé ọ̀nà náà ò tíì pé, pé òun kàn ń gbé e jáde kí àwọn ẹlòmíràn lè gbà á lò. Àbùkù tó ń tọrọ àforíjì fún yẹn gan-an la fi ń ṣiṣẹ́. Àwọn tó wá lẹ́yìn rẹ̀ ló fi safuránìn kún un, kí èyí tí àlùkò ti kúrò lára rẹ̀ má baà di ohun tí ojú ò rí mọ́. Àwọn tó di àlùkò mú là ń pè ní Gram pọ́sítíìfù, àwọn tí àlùkò fi sílẹ̀ tí wọ́n wá pupa là ń pè ní Gram nẹ́gẹ́tíìfù. Orúkọ èèyàn ni Gram yìí, kò bá gíráàmù orí òṣùwọ̀n tan.

Ẹ jẹ́ ká wá wo ògiri náà. Inú sẹ́ẹ̀lì bakitéríà ní ìtẹ̀síta, bíi ti táyà tí a fẹ́ atẹ́gùn sí, bí kò bá sì sí ohun tó gbá a mú, yóò bẹ́. Ohun tó gbá a mú ni ògiri tí a fi pẹpitidogílákáànì hun. Okùn ṣúgà gígùn ni pẹpitidogílákáànì, tí a fi ègé kúkúrú àmínò ásíìdì so ọ̀kan mọ́ èkejì ní ìbú, gẹ́gẹ́ bí apẹja ṣe ń ta kókó sí àwọ̀n. Àwọn ẹgbẹ́ méjèèjì ló ní àwọ̀n yìí. Iye ìlọ́po rẹ̀ ló yàtọ̀.

Lára Gram pọ́sítíìfù, ìlọ́po lórí ìlọ́po ni, ó sì ki tó nanomítà 20 sí 80. Kó lè yé wa: bakitéríà kan fúnra rẹ̀ sábà máa ń fẹ̀ tó nanomítà 1,000, nítorí náà ògiri tó tó 80 kì í ṣe nǹkan kékeré lára rẹ̀. Okùn kan tí a ń pè ní tẹikóíìkì ásíìdì gba inú àwọ̀n náà kọjá, ó ń mú un le. Ní òde ògiri yìí, kò sí awọ kankan tó tún bò ó. Ọtí tó bá dé ara rẹ̀, ara àwọ̀n gan-an ló máa bá.

Lára Gram nẹ́gẹ́tíìfù, àwọ̀n náà fẹ́lẹ́. Ìlọ́po kan tàbí díẹ̀ ni, kì í sábà ju nanomítà 7 lọ. Ohun tí kò ní nípọn, ó fi awọ ọ̀rá dí i. Awọ náà wà ní òde àwọ̀n, lipopolisakaráìdì sì ló bo ojú rẹ̀ níta. Kànìnkànìn tó ki dáadáa, tí a kò fi ohunkóhun bò, ni ti àkọ́kọ́. Aṣọ àgbékó tí a fi òrí kùn lójú ni ti ìkejì. Ẹ fi àwòrán méjì yìí sọ́kàn, nítorí ọtí ń bọ̀.

Kí ọtí tó dé, àlùkò ní láti wọlé. Kírísítà fáyólẹ́ẹ̀tì tó wà nínú omi ní agbára iná pọ́sítíìfù lára, ara bakitéríà sì ní nẹ́gẹ́tíìfù. Wọ́n á fa ara wọn. Nínú ìṣẹ́jú kan péré, ẹgbẹ́ méjèèjì ti di àlùkò. Bí ẹ bá gbé sílááìdì wò ní ìdúró yìí, ẹ ò lè mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì. Bí ẹ bá sì fo áyódíìnì, tí ẹ lọ da ọtí lé e, ọ̀pọ̀ àlùkò á ṣàn dànù, kódà lára Gram pọ́sítíìfù.

Ẹ̀yin tí ẹ ti dúró ti aláró rí, ohun tí áyódíìnì ń ṣe ò ní ṣòro fún yín. Aṣọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fà yọ nínú ìkòkò aró kì í dúdú lójú ẹsẹ̀. Àwọ̀ ewé tó pọ́n ló máa ń ní. Aró inú ìkòkò wà ní ipò tó lè yọ́ mọ́ omi, ìdí nìyẹn tó fi ráyè wọ inú fọ́nrán òwú. Bí afẹ́fẹ́ bá ti kan aṣọ náà, aró á yí padà sí ohun tí omi ò lè yọ́ mọ́, á há sínú òwú níbẹ̀, aṣọ á sì dúdú. Ó wọlé ní yíyọ́, ó há ní àìyọ́. Ohun tí áyódíìnì ń ṣe fún kírísítà fáyólẹ́ẹ̀tì nìyẹn. Ó tẹ̀ lé àlùkò wọ inú bakitéríà, ó dì mọ́ ọn níbẹ̀, àwọn méjèèjì sì di ìdìpọ̀ tí omi ò lè yọ́ mọ́. Ẹgbẹ́ méjèèjì náà ni èyí ń ṣẹlẹ̀ sí.

Níbi tí àfiwé aró parí sí nìyí: ìdìpọ̀ àlùkò àti áyódíìnì ń yọ́ nínú ọtí. Nítorí náà, kì í ṣe pé Gram pọ́sítíìfù ní ìdìpọ̀ tó le ju ti èkejì lọ. Ilẹ̀kùn ló yàtọ̀. Bí ọtí bá kan Gram nẹ́gẹ́tíìfù, ó yọ́ awọ ọ̀rá rẹ̀, òrí kúrò lójú aṣọ àgbékó, àwọ̀n fẹ́lẹ́ tó kù kò sì lágbára láti dá ohunkóhun dúró. Ìdìpọ̀ ṣàn jáde. Bí ọtí kan náà bá kan Gram pọ́sítíìfù, kò bá awọ ọ̀rá kankan ní òde. Ó fa omi kúrò nínú àwọ̀n tó nípọn náà, àwọ̀n sì sún kì, bí kànìnkànìn ṣe máa ń gan tí omi bá gbẹ lára rẹ̀. Ihò inú rẹ̀ dín. Ìdìpọ̀ wà nínú, ọ̀nà àtijáde ti há.

Ọ̀pọ̀ ọdún ni èyí fi jẹ́ àlàyé tí a gbà gbọ́ láìfojú rí, nítorí áyódíìnì kì í hàn dáadáa lábẹ́ maikirosikóòpù ẹlẹ́kítíróònù. Ní 1983, Terry Beveridge àti J. A. Davies fi èròjà kan tó ní pulatínọ́ọ̀mù nínú rọ́pò áyódíìnì. Pulatínọ́ọ̀mù wúwo, ó ń hàn dúdú. Wọ́n lo Basílọ́ọ̀sì súbítílíìsì gẹ́gẹ́ bíi pọ́sítíìfù àti Ẹṣẹríkíà kólì gẹ́gẹ́ bíi nẹ́gẹ́tíìfù, wọ́n sì ń tẹ̀ lé ibi tí ìdìpọ̀ wà ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ọtí tú awọ ọ̀rá òde Ẹṣẹríkíà kólì ká, ìdìpọ̀ sì jáde. Lára Basílọ́ọ̀sì, ògiri tó nípọn dá a dúró.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kíyè sí i pé “há” ni mo sọ, n kò sọ pé ó tì pa. Bí ọtí bá pẹ́ lórí sílááìdì, àlùkò á jáde lára Gram pọ́sítíìfù náà. Eré ìje ni. Èkejì ti sáré parí nígbà tí àkọ́kọ́ ṣì ń fà, àwa la sì gbọ́dọ̀ fun fèrè dúró ní àkókò tó tọ́. Láti ìgbà tí a bá ti gbà pé ìyára ló ya wọ́n, ọ̀pọ̀ àṣìṣe ìdí iṣẹ́ yìí á yé wa láìsí pé ẹnikẹ́ni kọ́ wa sórí.

Safuránìn kò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀. Òun náà ní agbára pọ́sítíìfù, ó sì ń wọ gbogbo wọn lára. Lára èyí tí àlùkò ti fi sílẹ̀, ó hàn ní pupa. Lára èyí tí àlùkò ṣì wà, ó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n àlùkò bò ó mọ́lẹ̀.

Ní ti pípo oògùn, èyí tó gbajúmọ̀ jù ni ti Hucker. A ó yọ́ kírísítà fáyólẹ́ẹ̀tì gíráàmù 2 sínú ẹtánọ́ọ̀lù ìdá 95 nínú ọgọ́rùn-ún tó jẹ́ mílílítà 20. Nínú ìkòkò mìíràn, a ó yọ́ amóníọ̀mù ọ́kísáléètì gíráàmù 0.8 sínú omi tí a rí láti inú oruku, mílílítà 80. A ó da méjèèjì pọ̀, a ó jẹ́ kó sùn di ọjọ́ kejì, a ó sì sẹ́ ẹ kí a tó lò ó. Ẹ má fo sísẹ́ yìí. Àlùkò tí kò yọ́ tán máa ń jókòó sórí sílááìdì ní ẹyọ dúdú róbótó, ojú tí kò tíì mọ́ iṣẹ́ á sì kà á sí bakitéríà. Fún áyódíìnì, gíráàmù 1 áyódíìnì àti gíráàmù 2 potásíọ̀mù áyódáìdì la ń fẹ́. Omi díẹ̀ ni a máa kọ́kọ́ fi yọ́ potásíọ̀mù áyódáìdì, nítorí áyódíìnì ò lè yọ́ mọ́ omi lásán. Lẹ́yìn tí ó bá ti yọ́ mọ́ ọn la ó fi omi kún un dé mílílítà 300, inú ìgò dúdú la ó sì rọ ọ́ sí. Fún safuránìn, gíráàmù 2.5 nínú ẹtánọ́ọ̀lù mílílítà 100 ni ti ìpamọ́. Tí a bá fẹ́ lò ó, mílílítà 10 nínú èyí la ó fi omi mílílítà 90 là.

Ohun tí a ó yẹ̀ wò lónìí kò jìnnà sí ẹnikẹ́ni. Ìdọ̀tí tó lẹ̀ mọ́ ìdí eyín ni. Mo yàn án nítorí pé ẹgbẹ́ méjèèjì wà nínú rẹ̀, àti nítorí pé ó ń bá wa mú ẹlẹ́rìí kan wá, tí a ó rí láìpẹ́.

A ó fi ọtí nu sílááìdì kí ọ̀rá ìka má baà wà lára rẹ̀. A ó kán omi kékeré kan sí àárín, èyí tí kò ju orí ìṣó lọ. A ó fi igi ìtayín ha ibi tí eyín ti pàdé èrìgì, a ó fi ohun tó bá mú wá rẹ́ omi náà, a ó sì tẹ́ ẹ títí yóò fi fẹ̀ tó èékánná àtàǹpàkò. Bó bá gbẹ tán, ó yẹ kí a lè gbé e lé ojú ìwé ìròyìn, kí a sì ka lẹ́tà abẹ́ rẹ̀. Bí a kò bá rí lẹ́tà kà, ó ki jù, ká ṣe òmíràn. Afẹ́fẹ́ ni kó gbẹ ẹ, ẹ má gbé e sórí iná láti yára. Lẹ́yìn tó bá gbẹ, a ó gba orí iná kọjá pẹ̀lú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ojú tó ní ìdọ̀tí sí òkè, kí bakitéríà lè lẹ̀ mọ́ gíláàsì. A ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan abẹ́ rẹ̀. Kó lọ́wọ́ọ́rọ́, kó má jó wa. Èyí tó bá jó ọwọ́ ti jó ògiri bakitéríà náà, ògiri tó bá sì ti ya ò lè di àlùkò mú mọ́. Kí ìgò ọtí jìnnà sí iná yẹn.

A ó wá da kírísítà fáyólẹ́ẹ̀tì bò ó fún ìṣẹ́jú kan. A ó fi omi ṣàn án jẹ́jẹ́ fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, nítorí àlùkò ò tíì há ní àkókò yìí, omi púpọ̀ lè fọ̀ ọ́ jáde. Áyódíìnì tẹ̀ lé e fún ìṣẹ́jú kan, omi lẹ́ẹ̀kan sí i. Ibi tí ọtí kàn la dé yìí. A ó gbé sílááìdì dagun, a ó máa kán ọtí ìdá 95 láti etí òkè, kó máa ṣàn gba orí ìdọ̀tí náà lọ sísàlẹ̀. Ojú wa kò gbọ́dọ̀ kúrò ní etí ìsàlẹ̀. Àlùkò á kọ́kọ́ máa jáde ní ọ̀já-ọ̀já, ó nípọn bí oje ìsáǹpá. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, ọ̀já náà á fẹ́lẹ́, á di àwọ̀ òfuurufú àárọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ̀kán ọtí kan á jábọ́ láìní àwọ̀. Níbẹ̀ gan-an ni kí omi ti dé e, lójú ẹsẹ̀. Omi ló ń dá ọtí dúró. Ìṣẹ́jú àáyá 10 sí 15 ni gbogbo rẹ̀ sábà máa ń gbà. Bó bá jẹ́ ọtí tí a pò mọ́ asitóònù ni ilé iṣẹ́ yín ń lò, ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ péré ni, nítorí asitóònù yára jù ú lọ fíìfíì. Lẹ́yìn èyí, safuránìn fún ìṣẹ́jú kan, omi, ká sì fi bébà amumi tẹ̀ ẹ́ gbẹ láìfi nù ún.

A kán òróró sí i, a sì lo lẹ́ǹsì 100. Ohun tó máa kọ́kọ́ wọ ojú wa kì í ṣe bakitéríà. Sẹ́ẹ̀lì inú ẹnu èèyàn ni, ó tẹ́ bí àkàrà tí a tẹ̀ mọ́lẹ̀, ó pupa fẹ́ẹ́rẹ́, kóró kan tó pupa jù ú lọ sì wà láàárín rẹ̀. Lórí rẹ̀ àti yí i ká, a ó rí àwọn róbótó-róbótó àlùkò, àwọn mìíràn so kọ́ra bí ìlẹ̀kẹ̀ inú okùn. A ó rí ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ pupa láàárín wọn, àwọn kan nínú wọn tín-ín-rín ní orí méjèèjì bí abẹ́rẹ́.

Sẹ́ẹ̀lì ẹnu yẹn ni ẹlẹ́rìí tí mo wí. Kò ní ògiri, awọ ọ̀rá nìkan ló bò ó, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ pàdánù àlùkò. Bí kóró rẹ̀ bá ṣì jẹ́ àlùkò, ọtí ò tíì ṣiṣẹ́ tán ní ibẹ̀, bakitéríà àlùkò yòówù tí a bá rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ò ṣe é gbà gbọ́. Ẹ sún sílááìdì lọ síbi tó fẹ́lẹ́ jù. Nínú ọyún aláìsàn, sẹ́ẹ̀lì ọyún ló ń jẹ́ irú ẹ̀rí yìí. Ohun tí Gram ń wá ní Bẹ̀líìnì nìyẹn, ẹran tó pàdánù àwọ̀, ó sì wà níbẹ̀ síbẹ̀ láti sọ fún wa bóyá a fọ̀ ọ́ dáadáa.

Sẹ́ẹ̀lì èèyàn ò lè sọ ìdà kejì, ìyẹn bóyá ọtí ti pọ̀ jù. Pupa náà ló máa wà. Ìdí nìyẹn tí a fi ń tẹ́ àmì mẹ́ta sórí sílááìdì kan: Sitafilokókọ́ọ̀sì tí a mọ̀ sí pọ́sítíìfù ní apá òsì, Ẹṣẹríkíà kólì tí a mọ̀ sí nẹ́gẹ́tíìfù ní apá ọ̀tún, àjèjì láàárín. Oògùn kan náà ló gba orí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọjá, ní ìṣẹ́jú kan náà. Bí Sitafilokókọ́ọ̀sì bá pupa, ọtí ti pọ̀ jù, tàbí iná ti jó o, tàbí áyódíìnì ti rẹ̀. Bí Ẹṣẹríkíà kólì bá jẹ́ àlùkò, ọtí kéré, tàbí àmì náà ki jù. Áyódíìnì tó ti rẹ̀ ṣe é fojú mọ̀: ó ti kúrò ní àwọ̀ tíì, ó ti ń pọ́n bí omi ọsàn. Ẹ dà á nù.

Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀ràn kan parí èyí. A mú bakitéríà kan láti orí àwo tí a fi ń tọ́ bakitéríà dàgbà, tó ti wà nínú ìnkubétọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Ó tóbi, ó gbẹ, etí rẹ̀ rí wúruwùru. Lábẹ́ maikirosikóòpù, ọ̀pá ńlá-ńlá ni. Púpọ̀ pupa, díẹ̀ jẹ́ àlùkò, àwọn mìíràn sì jẹ́ àlùkò ní apá kan, pupa ní apá kejì. Ẹni tó ń kánjú á kọ “Gram nẹ́gẹ́tíìfù”. Ẹ jẹ́ ká wo apá òsì: Sitafilokókọ́ọ̀sì jẹ́ àlùkò dáadáa. Apá ọ̀tún: Ẹṣẹríkíà kólì pupa dáadáa. Ó jẹ́ pé ọwọ́ wa ò yẹ̀, oògùn wa ò rẹ̀. Bakitéríà náà fúnra rẹ̀ ni ká bi.

Ẹ tún ojú tẹ̀ ẹ́. Nínú àwọn ọ̀pá náà, ihò róbótó kan wà tí àwọ̀ kankan ò wọ̀, bí ìgbà tí a dá fèrèsé sí ògiri. Èso ìpamọ́ ni, èyí tí a ń pè ní sipóọ̀. Ẹ̀yà Basílọ́ọ̀sì àti àwọn ìbátan rẹ̀ díẹ̀ ló sábà máa ń ṣe é, Gram pọ́sítíìfù sì ni wọ́n. Kí ló wá sọ wọ́n di pupa? Ọjọ́ orí. Lẹ́yìn ọjọ́ kan, oúnjẹ inú àwo ń tán, sẹ́ẹ̀lì ń kú, àwọn èròjà tirẹ̀ sì ń gé ògiri rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ògiri tó ti fẹ́lẹ́, tó ti lu, ń jẹ́ kí ìdìpọ̀ ṣàn jáde. Aláìsàn tó ti ń lo pẹnisílíìnì kí wọ́n tó gba ohun àyẹ̀wò lọ́wọ́ rẹ̀ lè fún wa ní irú àwòrán yìí kan náà, nítorí ìsopọ̀ àwọ̀n gan-an ni pẹnisílíìnì ń dí lọ́wọ́.

Ọ̀nà méjì la ó fi yanjú rẹ̀. A ó mú un lọ sórí àwo tuntun, a ó sì pa á láró láàárín wákàtí 18 sí 24. Basílọ́ọ̀sì wa á jáde ní àlùkò. Ọ̀nà kejì kò ní àwọ̀ nínú rárá, ó sì yá. A ó kán omi potásíọ̀mù háídírọ́kísáìdì, tí a ń pè ní KOH, ìdá 3 nínú ọgọ́rùn-ún sórí sílááìdì, a ó fi lúùpù, wáyà tí a ká orí rẹ̀, kó bakitéríà púpọ̀ sí i, a ó sì máa pò ó. Ó yẹ kí a máa gbé lúùpù sókè lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. KOH ń fọ́ ògiri Gram nẹ́gẹ́tíìfù, DNA rẹ̀ á tú síta, omi náà á sì fà yọ̀ọ̀ bí ọbẹ̀ ilá nínú ìṣẹ́jú kan. Ògiri Gram pọ́sítíìfù kì í sábà fọ́, omi á sì ṣàn bí omi. Ti àjèjì wa ò fà. Pọ́sítíìfù ni. KOH ń jó ojú àti awọ ara, ẹ wọ ìbọ̀wọ́ àti awò ojú.

Àwọn kan wà tí ọ̀nà yìí ò ní ọ̀rọ̀ bá sọ. Maikopulásímà kò ní ògiri rárá, kò sí àwọ̀n tó máa di àlùkò mú. Bakitéríà ikọ́ ẹ̀gbẹ, Maikobakitéríọ̀mù, ní ògiri, ṣùgbọ́n ọ̀rá bíi ìda ló kún un, débi pé àwọ̀ yìí kò rọrùn láti wọ̀ ọ́. Nínú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tí a pa láró lọ́nà Gram, ó lè hàn bí òjìji ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tí kò gba àwọ̀ rárá, tàbí kí àlùkò wà lára rẹ̀ ní ẹyọ-ẹyọ. Ẹni tó bá rí irú òjìji bẹ́ẹ̀ nínú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ aláìsàn tó ń wú ikọ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kó má kọ “a ò rí bakitéríà” kó sì pa fáìlì dé. Kó mú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ náà lọ sábẹ́ ìpaláró Ziehl-Neelsen, níbi tí a ti ń fi ooru ti àwọ̀ pupa káábọ́ọ̀lù fukísíìnì wọlé, tí a sì ń fi ásíìdì pẹ̀lú ọtí fọ̀ ọ́. Èyí tó bá di pupa náà mú lẹ́yìn ásíìdì ni a ń wá.